Inú tó ń jó wa lemọ́lemọ́: kòkòrò kan lè wà nídìí ẹ̀

Ní Kétu, ní Ìpòbẹ́ àti ní Ṣakẹ́tẹ́, tí inú bá ń jó ẹnì kan, ata la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lẹ́yìn ata, ó kan gàrí. Lóòótọ́ ata lè ta ibi tó ti bó, àmọ́ kì í ṣe òun ló dá egbò síbẹ̀. Tí ìjóná náà bá ń lọ tó ń bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, lókè ìdodo, tó ń jí èèyàn lóru nígbà tí inú ṣófo, ẹ jẹ́ ká ronú kan kòkòrò tí àwọn dókítà ń pè ní Ẹlikobakitẹ́ẹ̀ pilorí.

Omi kíkan kan wà nínú àpòlúkù wa tó le débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé. Kí ló dé tí kò jẹ àpòlúkù fúnra rẹ̀? Awọ inú ibẹ̀ ń tú nǹkan kan jáde tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, òun ló fi ń bo ara rẹ̀. Kòkòrò yìí mọ bó ṣe ń bá méjèèjì ṣe é. Ó ń mú yúríà, nǹkan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wa tí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń dé inú àpòlúkù, ó sì ń sọ ọ́ di amóníákì. Amóníákì yìí á pa kíkan omi náà ní àyíká rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bu omi eérú sínú omi ògì tó kan. Ara rẹ̀ tún lọ́ bíi fíìsì, ó ní ìrù tó fi ń wẹ̀, nítorí náà á gún ìbòrí yíyọ̀ náà wọlé, á sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti ń tu májèlé sí awọ náà. Ẹ̀jẹ̀ wa á rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá bá a jà, àmọ́ ọwọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tó o, ìjà náà á wá máa ba ilé jẹ́ ju olè lọ. Awọ á pọ́n, á wú, ìbòrí á fẹ́lẹ́, omi kíkan á wá kan ẹran ara gan-an. Bí ọgbẹ́ inú ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú àpòlúkù tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Tó bá jẹ dé ibi iṣan ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ á dúdú, á máa lẹ̀ bí ọ̀dà, á sì máa rùn gidi. Ẹni tó bá rí ìyẹn, tàbí tó bì ẹ̀jẹ̀, kó má dúró dọ̀la kó tó lọ sí ilé ìwòsàn. (Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, àmọ́ kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Àwọn dókítà fúnra wọn ò tètè gbà. Ìrònú àti oúnjẹ ni wọ́n ń dá lẹ́bi nígbà yẹn. Robin Warren rí kòkòrò náà ní ìlú Pẹ́ẹ̀tì ní Ọsirélíà ní 1979, òun àti Barry Marshall sì gbìyànjú láti gbìn ín ní lábò, kò hù. Ní ọdún Àjíǹde 1982, ìsinmi mú kí wọ́n gbàgbé àwo náà síbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún dípò méjì, ló bá hù. Nígbà tí wọn ò tíì gbà á gbọ́ síbẹ̀, Marshall gbé kòkòrò náà mu ní 1984. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ èébì bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń rùn, wọ́n sì rí i pé awọ àpòlúkù rẹ̀ ti wú. Ó lo oògùn, ó sàn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì ní 2005.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kó kòkòrò yìí láti kékeré nínú ilé, láti ẹnu sí ẹnu tàbí láti ọwọ́ tí a ò fọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì dà láàmú rárá. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ò fi tó: ó lè sọ pé kòkòrò ti wọlé rí, kò lè sọ pé ó ṣì wà. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ dáa jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo omẹprasọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó lo antibiotíìkì náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé lè sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí kòkòrò wà níbẹ̀. Ẹ bi dókítà kẹ́ẹ tó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Omẹprasọ́ọ̀lù ń dín omi kíkan kù, kì í pa kòkòrò náà. Ìdí nìyẹn tí inú fi tún ń jó lẹ́yìn oṣù kan. Oògùn tó ń pa á ni antibiotíìkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú omẹprasọ́ọ̀lù, tí dókítà kọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n sábà máa ń fi lò ó. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ọjọ́ karùn-ún: ìjóná ti dáwọ́ dúró, èèyàn á tọ́jú ìyókù fún ìgbà mìíràn. Àwọn kòkòrò tó kù á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da oògùn náà, èyí tó kàn á ṣòro pa. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí oògùn parí, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Ibuprofẹ́ẹ̀nì àti diklofẹnáàkì tí wọ́n ń tà lójà, tí a ń gbé mì lẹ́yìn iṣẹ́ oko nítorí ẹ̀yìn, ń sọ ìbòrí yíyọ̀ yẹn di aláìlágbára. Ẹni tó bá ní kòkòrò náà tó tún ń lo wọn lójoojúmọ́, egbò tètè ń dá sí i nínú, ó sì lè ṣàn ẹ̀jẹ̀ láì tíì dùn ún.