Ìwé Onípele àti Ìdàgbàsókè Ọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìwé Tó Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Mu

Ìwé onípele ni ìwé tí a fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kọ fún ẹni tó ń kọ́ èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Michael West, tó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Bengal, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1926. Lónìí, nínú ọ̀wọ́ Oxford Bookworms, orí 400 ọ̀rọ̀ ni a gbé ìpele kìíní kà. Ìkejì jẹ́ 700, ìkẹta 1,000, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹfà tó jẹ́ 2,500. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé ìwé tó bá le díẹ̀ ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fún un ní ọ̀rọ̀ tuntun. Ìwádìí kò gbè wọ́n.

Ní ọdún 2000, Hu àti Paul Nation fi ọ̀rọ̀ àdábọwọ́ tí kò nítumọ̀ rọ́pò díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìtàn kan, kí ó lè dá wọn lójú pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ 80 nínú 100 ni òǹkàwé mọ̀, kò sẹ́ni tí ìtàn náà yé tó. Nígbà tí ó di 95, ó yé àwọn kan, ṣùgbọ́n kò yé ọ̀pọ̀ wọn. Ibi 98 ni Hu àti Nation fi ààlà sí: ọ̀rọ̀ àìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀nà tí olùkọ́ fi lè wọn èyí kò gba agbára. Kí ó ṣí ìwé sí àárín, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rọrùn, kí ó ka 200 ọ̀rọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ èyí tí kò mọ̀. A kì í ka orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú mọ́ ọn. Bí ìlà kan bá gba bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, àmì mẹ́rin nínú ogún ìlà túmọ̀ sí pé òǹkàwé ń rí nǹkan bí ìlà márùn-ún kà kí ó tó kọsẹ̀. Àyíká ọ̀rọ̀ náà á sì ràn án lọ́wọ́ láti fòye gbé ìtumọ̀. Bí àmì bá di mẹ́wàá, ìlà méjì-méjì ni yóò máa kọsẹ̀. Nígbà náà, yóò máa fi ìka tọ ìlà, yóò máa padà sẹ́yìn, yóò máa ṣí atúmọ̀-èdè, kò sì ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ojú ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun mọ̀, bí irú "bank" tó jẹ́ ilé ìfowópamọ́ níbi kan, tó sì jẹ́ bèbè odò níbòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó kà ní èdè abínibí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá fàlà tán.

Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo kò lè sọ ọ̀rọ̀ di ti ẹni. Ní Japan, Waring àti Takaki fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé onípele kan tí a ti fi ọ̀rọ̀ àdábọwọ́ rọ́pò ọ̀rọ̀ 25 nínú rẹ̀. Kété tí wọ́n kà á tán, wọ́n lè túmọ̀ nǹkan bíi márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nǹkan bí ẹyọ kan ló kù. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tún padà wá kí ìgbàgbé tó gbé e lọ. Ìdí nìyí tí Nation àti Wang, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ìwé 42 wò, fi dámọ̀ràn ìwé kan lọ́sẹ̀ àti bí ìwé márùn-ún ní ìpele kan kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ìpele kẹta. Ìwé rẹ̀ máa ń tó bí 10,000 ọ̀rọ̀. Bí ó bá ń ka 100 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, 100 ìṣẹ́jú ni yóò fi parí rẹ̀, èyí tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Lọ́sẹ̀ márùn-ún, yóò ti la bí 50,000 ọ̀rọ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ 300 tí ìpele náà fi ju ìkejì lọ á sì ti máa yí padà wá lójú rẹ̀. Kí ó tún ṣe ìdánwò 200 ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìpele kẹrin. Bí àmì bá ju mẹ́rin lọ, kí ó ka méjì sí i níbi tó wà. Orí ojú ìwé ni ó ti yẹ kí a ṣe ìdájọ́ yìí, torí pé ìpele kẹta ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan lè jẹ́ ìkejì tàbí ìkẹrin lọ́dọ̀ òmíràn.

Níbi tí ọ̀nà yìí ti dópin ni ìpele kẹfà. Nation ṣírò ní 2006 pé ẹni tí yóò ka ìwé ìtàn àròsọ lásán ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò sì mọ 98 nínú ọ̀rọ̀ 100, gbọ́dọ̀ mọ ìdílé ọ̀rọ̀ 8,000 sí 9,000. Àárín 2,500 sí iye yẹn jìn, ìwé onípele tó wọ́pọ̀ kò sì lè dí i. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò ka ọ̀pọ̀ ìwé òǹkọ̀wé kan ṣoṣo tàbí kókó kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń padà wá níbẹ̀, yóò sì máa kọ ọ̀rọ̀ tuntun sórí páálí kéékèèké láti kọ́ wọn lọ́tọ̀.