Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàgé

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ìbáwí ló sábà máa ń gbé òwe yìí jáde: àgbà kò fẹ́ la gbogbo ẹnu sọ ohun tó ń bí i nínú, ó ju díẹ̀ sílẹ̀, ó sì retí kí ẹni tó gbọ́ fi làákàyè parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà palẹ̀, a óò rí i pé ẹni méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ àbọ̀ tó yẹ kó sọ, torí bó bá sọ èyí tí kò yẹ, ọmọlúwàbí gan-an kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dorí kọ. Ẹni tó ń gbọ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti ní ohun kan nínú tí yóò fi dí àlàfo tó kù.

Òwe mìíràn wà tó dà bí ẹni pé ó ń ta ko èyí: ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tó fẹ́ sọ ìtàn kúkurú di ìran eré, tó sì di òwe kejì yìí nìkan mú, á rò pé gbogbo ohun tí ìtàn ròyìn ni kí òun gbé síwájú òǹwòran. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ohun tó yẹ kó fojú hàn wà, ohun tó yẹ kó kù sínú òǹwòran náà sì wà. Ìtàn kan tó fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere ni èyí tí W. W. Jacobs, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1902 nípa ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ kan. Ní 1903, Louis N. Parker ti sọ ọ́ di eré, wọ́n sì ṣe é ní ilé ìtàgé Haymarket ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdílé White ni ìtàn náà dá lé: bàbá, ìyá, àti Herbert ọmọ wọn kan ṣoṣo tó kù. Ọmọ ogun kan tó ti Íńdíà dé mú ọwọ́ ọ̀bọ wá sílé wọn. Ó ní ẹni tó bá dì í mú lè tọrọ ohun mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ló máa ń tẹ̀lé e. Bàbá tọrọ igba pọ́n-ùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ lọ Herbert pa níbi iṣẹ́, àwọn agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì fi igba pọ́n-ùn gan-an ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín, ìyá fi dandan lé e kí bàbá tọrọ ọmọ náà padà. Ó tọrọ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀bọ sì bọ́ sílẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Bí ìyá ti ń jà láti ṣílẹ̀kùn, bàbá ń wá ọwọ́ ọ̀bọ kiri ilẹ̀, ó rí i, ó tọrọ ìkẹta. Ìkànkùn dáwọ́ dúró. Ilẹ̀kùn ṣí, kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà.

Apá ìkẹyìn yìí, láti ìgbà tí ìyá ti rántí ọwọ́ ọ̀bọ títí di ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ni mo fẹ́ ká sọ di ìran kan. Kí á tó gé ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìtàn náà sí mẹ́ta: ohun tí ènìyàn ń ṣe tàbí tó ń sọ, ohun tó ń lọ lọ́kàn ènìyàn, àti àkókò tó ń kọjá. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló lè gun orí ìtàgé bó ṣe wà. Méjì yòókù gbọ́dọ̀ di ìṣe, kí wọ́n di ọ̀rọ̀ ẹnu, tàbí kí wọ́n lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́ ni ibùdó. Nínú ìwé, tọkọtaya náà wà nínú yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ mú ọwọ́ ọ̀bọ ní pálọ̀ nínú òkùnkùn, ó padà gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àbẹ́là kú, ó sá gòkè. Ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yìí dùn ún kà, nítorí ẹ̀rù bàbá ni òǹkàwé ń gbé kiri. Lórí ìtàgé, ẹni tó bá jáde ti jáde nìyẹn. Òǹwòran á kàn máa wo ìyá tó jókòó lásán, tàbí kí a máa tan iná, ká máa pa á láti fi yàrá méjì hàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ níbi tí ẹnu ọ̀nà wà. Ọwọ́ ọ̀bọ ti wà lórí pẹpẹ ibi ìdáná láti ìran àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nínú ìrìn bàbá kò gbọ́dọ̀ bá ìrìn náà lọ. Ohun tí a gé gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín àga bàbá àti pẹpẹ, ẹ jẹ́ kó nira fún un láti rìn ín:

ÌYÁ: Ọwọ́ ọ̀bọ yẹn! Ìtọrọ kan péré la tíì lò níbẹ̀.
BÀBÁ: (kò wo ọ̀ọ́kán rẹ̀) Fi í sílẹ̀ níbi tó wà.
ÌYÁ: Ó ku méjì, Bàbá Herbert. Ẹ dìde. Ẹ lọ mú un.
BÀBÁ: Ìyá Herbert, ọmọ yìí ti pé ọjọ́ mẹ́wàá tó kú. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ èyí rárá: aṣọ ọrùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀.
ÌYÁ: Ẹ lọ mú un.

Nínú gbogbo ìran yìí, bí wọ́n bá ní kí n gé gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá kí n fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tó sọ nípa aṣọ ni mo máa fi sílẹ̀. Òun ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí òǹwòran yóò fi ya àwòrán ohun tó ń kan ilẹ̀kùn. Fún òǹwòran tó jẹ́ Yorùbá, ó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ti ní ìtàn àkúdàáyà nílẹ̀: ẹni tó kú, tí wọ́n tún rí i ní ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó tilẹ̀ ń bímọ, tí gbogbo ara rẹ̀ pé. Bí a bá gé ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, àkúdàáyà ni ọ̀pọ̀ yóò fi dí àlàfo náà. Wọn á rò pé Herbert ti padà wá ní pípé, ìyá ló tọ̀nà, bàbá sì ni ojo tó lé ọmọ rẹ̀ padà sí sàréè. Eré mìíràn nìyẹn, kì í ṣe èyí tí a fẹ́ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ tí ìtàn ròyìn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò kan wọlé wá sọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá dá dúró máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àga mẹ́ta wà ní ìran àkọ́kọ́, ẹni mẹ́ta ló jókòó sí i. Nísinsìnyí, àga mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, ẹni méjì sì yẹra fún ìkẹta. Ọ̀rọ̀ "ọjọ́ mẹ́wàá" tí bàbá sọ ti ka ọjọ́ fún wa.

Lẹ́yìn tí bàbá bá ti tọrọ ọmọ padà, kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé, a gbọ́ aago, a gbọ́ àtẹ̀gùn tó ń han, eku sá kọjá. Lórí ìtàgé, aago nìkan tó. Ìyá dúró lójú fèrèsé, kò rí ẹnì kankan, ó padà jókòó. Àbẹ́là kú. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àwọn òṣèré máa ń sáré kọjá, torí ó ń ni wọ́n lára láti dúró láìsọ̀rọ̀. Olùdarí gbọ́dọ̀ di òǹkà mú nígbà ìdánrawò, kí ó má jẹ́ kí ìkànkùn àkọ́kọ́ dún kí ìyá tó sọ̀rètí nù pátápátá. Ìkànkùn náà kò gbọ́dọ̀ pariwo níbẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan máa fi ìka kan igi ilẹ̀kùn gan-an láti ẹ̀yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí òǹwòran máa wo ara wọn lójú pé ṣé àwọn gbọ́ nǹkan. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ti dún, wọn á mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ló ti wá, ẹ̀rù á sì tán.

A dé ibi tí ìtàgé ti lè ṣe ju ìwé lọ. Nínú ìwé, òkè ni bàbá wà tó ń wá ọwọ́ ọ̀bọ. Etí ló fi ń gbọ́ ohun tí ìyá ń ṣe nísàlẹ̀. Nínú pálọ̀ wa, ojú kan náà ń rí àwọn méjèèjì. Irin ìdábùú méjì ló wà lára ilẹ̀kùn. Ìyá ká ẹ̀wọ̀n kúrò, ó yọ irin ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó ti òkè. Ó wọ́ àga. Bàbá wà lórí eékún, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri nínú òkùnkùn. Èyí ni àfojúbà tí ìròyìn kò tó. Kò yẹ kí a gé nǹkan kan níbẹ̀, kódà kí a fà á gùn: kí ó jẹ́ àga Herbert, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran, ni ìyá yóò fà dé ẹnu ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà òpópónà tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ni kí a fi rí wọn, kí irin òkè àti ilẹ̀ tí bàbá ń fọwọ́ wá wà nínú rẹ̀.

Ó ku ìtọrọ kẹta. Ó máa ń wu ẹni tó ń kọ eré kí bàbá ké e síta, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Jacobs kò kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìtàn rẹ̀, kò sì yẹ kí àwa náà sọ ọ́. Ẹnu bàbá mì, ìkànkùn sì já. Ṣùgbọ́n gígé yìí ní owó tí a gbọ́dọ̀ ti san sílẹ̀: òǹwòran gbọ́dọ̀ ti mọ iye ìtọrọ tó wà àti iye tí wọ́n ti lò. Ìdí nìyí tí ìyá fi sọ pé ó ku méjì. Bí a bá gé gbólóhùn yẹn nítorí pé ó dà bí àsọtúnsọ, ìparí eré kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, kó má kọjú sí òǹwòran. Bó bá ṣí, ojú ìyá ni kí wọ́n rí, kì í ṣe ìta.

Nígbà tí ìran bá parí lórí ìwé, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ ìtàn náà kà, kí ẹ bi í léèrè ohun méjì péré: kí ni bàbá tọrọ ní ìkẹyìn, kí sì nìdí? Bí kò bá lè dáhùn èyí àkọ́kọ́, ibi tí a ti ka iye ìtọrọ ni kí ẹ tún ṣe. Bó bá ní ọ̀kánjúwà tàbí ìkórìíra ni bàbá fi ṣe é, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ aṣọ. Bó bá dáhùn méjèèjì, àmọ́ tó ní òun ì bá fẹ́ kí wọ́n fi òkú náà han òun, ẹ má fi kún un.