Afidéfíìtì ìwé tó sọnù

Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn búra sí níwájú òṣìṣẹ́ ìbúra ní kóòtù ni afidéfíìtì. Bí láísẹ́ǹsì awakọ̀ kan bá bọ́ sọnù lọ́jà Odò-Orì ní Ìwó, afidéfíìtì rẹ̀ yóò sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, ọjọ́ àti ibi tó ti sọnù, àti pé ó wá a títí, kò rí i. Kó fara balẹ̀ ka nọ́ńbà náà kó tó bu ọwọ́ lù ú.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń gba afidéfíìtì fún láísẹ́ǹsì tuntun, àjọ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde fún páàsìpọ́ọ̀tù. Àwọn méjèèjì á tún béèrè ìwé ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n afidéfíìtì kì í ṣe láísẹ́ǹsì; ẹ̀rí pé ó sọnù lásán ni. Ẹni tó bá búra èké sí i sì ti rú òfin.