Páńẹ́lì Sólà Mélòó Ni Òrùlé Yín Lè Gbà?

Ní etí òkun Àgbádárìgì, etí òrùlé ni afẹ́fẹ́ ti máa ń le jù, ẹ fi ìdajì mítà sílẹ̀ yí ká. Bí ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan bá gùn ní mítà 9, tó fẹ̀ ní mítà 6, mítà 8 sí 5 ló kù. Ká ní páńẹ́lì kan gùn ní mítà 2.28, ó fẹ̀ ní 1.13. Bí ẹ bá tò wọ́n lóòró, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 láàárín wọn, ìlà 2 ni yóò wọlé, 6 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: 12 lápapọ̀. Ìkeje yóò fi sẹ̀ǹtímítà 3 péré yọ síta.

Bí òjìji igi àgbọn bá gba mítà 1.5 nínú mítà 8 náà, 5 ni ìlà kan yóò gbà, àpapọ̀ 10. Ẹ yẹ òjìji wò láago 9 àárọ̀ àti 3 ọ̀sán, nínú oṣù Kẹfà àti Kejìlá, torí oòrùn máa ń ṣípò.