Gbóná Janjan Lónìí, Tutù Nini Lọ́la: Kí Ni Irú Ìfẹ́ Yìí Ń Sọ?

Ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé tí ẹ mọra yín, wọ́n á ti ní àwọn ò rí irú yín rí. Wọ́n á máa pè yín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹ̀bùn á máa rọ́ wọlé, wọ́n á sì ti máa dárúkọ ìgbéyàwó. Lójijì, ohùn á yí padà. Ẹ pe fóònù, wọn ò gbé e. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Fífi ìfẹ́ bo èèyàn mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọmọ ìjọ Sun Myung Moon ní Amẹ́ríkà lo irú orúkọ yìí fún bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ àti ìyìn yí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń lò ó fún ọ̀rọ̀ olólùfẹ́.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, bí ẹnì kan bá ti di tútù, kí ló dé tí ẹnìkejì kì í lọ? Ọ̀jọ̀gbọ́n B. F. Skinner, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ẹyẹlé àti eku ṣèdánwò. Tí ẹyẹlé bá ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣá bọ́tìnnì, kì í pẹ́ dáwọ́ dúró tí oúnjẹ bá tán. Àmọ́ èyí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rí i, láìmọ ìgbà tí yóò dé, á máa ṣá a lọ fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni onítẹ́tẹ́ ṣe máa ń sọ pé ọ̀la lòun máa jẹ. Ìfẹ́ tó ń wá tó ń lọ máa ń so èèyàn mọ́lẹ̀ ju èyí tó dúró ṣinṣin lọ.

Ní 1993, Dutton àti Painter ṣèwádìí lórí obìnrin 75 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fìyà jẹ wọ́n. Wọ́n rí i pé bí ìyà àti ìkẹ́ bá ń gba ipò ara wọn, tí agbára sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọkàn ẹni tó ń jìyà máa ń so mọ́ ẹnìkejì gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan ń ta aṣọ n'Íbàdàn. Lóṣù àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Lóṣù kejì, ó ní òun fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ òun. Ọkùnrin náà ò jà, ó kàn dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀, kò sì lọ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀bùn dé. Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ, àmọ́ ó ti kọ́ ohun tí lílọ máa ná an. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó tutù ló ń dọ́gbọ́n o. Ara gbígbóná ìbẹ̀rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbèsè, àìsàn tàbí ìbẹ̀rù ìgbéyàwó náà sì lè pa ẹnu èèyàn mọ́. Àmọ́ irú èyí sábà máa ń rọlẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni náà á sì sọ ohun tó ń ṣe é tẹ́ ẹ bá bi í. Èyí tó yẹ ká fura sí ni òtútù tó ń tẹ̀ lé "rárá" tẹ́ ẹ sọ, àti ìgbóná tó ń padà wá gẹ́lẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà.

Ẹ fi nǹkan kékeré dán an wò ní kùtùkùtù. Ẹ sọ pé ẹ ò ní lè jáde lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó máa ṣe. Ẹ máa kọ déètì sílẹ̀ náà: ìgbà tó tutù, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó tó tún gbóná. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwé yẹn á sọ òtítọ́ tí ọkàn ò fẹ́ gbọ́.

Tí ìhàlẹ̀ tàbí ìlù bá ti wọ̀ ọ́, ẹ má dá nìkan sọ fún un pé ẹ ń lọ, torí ìgbà yẹn gan-an ni ewu máa ń pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ fọkàn tán. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn ka fífi ọ̀rọ̀ àti ìṣe da ọkàn ẹni láàmú sí ẹ̀ṣẹ̀, kódà tí kò bá sí ẹni tó gbá ẹnì kankan létí.