Ọjọ́bọ̀ Kan ní Ṣọ́ọ̀bù Fíríìjì ní Yábà

Fíríìjì àti éésì ni àbúrò mi ń tún ṣe ní Sábó, Yábà. Ó ní owó ìpolówó ń lọ, iṣẹ́ kò dé. Mo wá fi àwọn ìpè inú fóònù rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ Google Ads to Ọjọ́bọ̀ kan jọ láti ìdájí dé alẹ́. Èmi ni mo bá a ṣètò ìpolówó náà, nítorí náà ọwọ́ mi ni àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí ti wá. Owó tí a san sílẹ̀ ku ₦6,000 láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Aago 5:48 ìdájí. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà tí a so mọ́ ìpolówó. Iye tí Google ń gbà bí èèyàn bá tẹ àkọlé ìpolówó ni wọ́n ń gbà bí ó bá tẹ nọ́ńbà, a gbé ìpè o, a ò gbé e o. ₦410 lọ nígbà tí onífíríìjì ṣì wà lójú oorun.

Aago 7:35. Obìnrin kan pè láti Ìkòyí. Firísà rẹ̀ ò dì mọ́, ẹran inú rẹ̀ ti ń ṣomi. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀.” Àbúrò mi kó irinṣẹ́ sínú mọ́tò. Mo ti fa òbìrí kan yí ṣọ́ọ̀bù náà ká lórí máàpù inú Google Ads, 10 kìlómítà sí ìhà gbogbo, Ìkòyí sì bọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí n kò rò ni pé bí ẹyẹ ṣe ń fò ni òbìrí yẹn ṣe ń wọn ilẹ̀. Orí ọ̀sà ló gbà dé Ìkòyí. Mọ́tò kò lè gba ibẹ̀; afárá Third Mainland ni yóò gbà, àárọ̀ sì ni gbogbo èèyàn ń rọ́ lọ sí Erékùṣù.

Aago 9:50 ló débẹ̀. “Ẹ má bínú o, ẹlòmíì ti ń ṣe é.”

Kí ó tó padà dé, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti gbé ìpè púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan wà ní Pọ́tákọ̀, ó ń bèèrè iye tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ́ ní Yábà. Òmíràn ń pè láti Ìbàdàn, ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kẹta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fíríìjì ìyá rẹ̀ ní Àkọ́kà ló bàjẹ́. Tìyẹn nìkan ló di iṣẹ́.

Aago 11:20. Owó tán, ìpolówó dúró.

Aago 2:15 ọ̀sán. Ìyá olóúnjẹ tó wà ní ilé kejì sí wọn wọlé, ó gbé fóònù lọ́wọ́. “Mo wá onífíríìjì nínú ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ará Ìkẹjà ló gbé jáde. Àṣé ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀?” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ₦6,000 lọ.

Aago 8 alẹ́, a jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìròyìn “User locations” fi ibi tí àwọn tó tẹ ìpolówó wà gan-an hàn, Pọ́tákọ̀ àti Ìbàdàn sì wà níbẹ̀ kedere. Mo ṣí “Location options” lábẹ́ “Locations”. “Presence or interest” ló wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń wà bí èèyàn ò bá fọwọ́ kàn án. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fi hàn pé ọ̀rọ̀ Yábà kan òun lè rí ìpolówó wa, ibi yòówù kó wà. Mo yí i sí “Presence”, kó lè jẹ́ ẹni tó wà nínú òbìrí náà tàbí tó máa ń wá síbẹ̀ déédéé. Ìyẹn náà kò lè péye tán, torí nẹ́tíwọ̀kì fóònù a máa gbé èèyàn sí ibi tí kò sí nígbà míì.

Lẹ́yìn náà mo dín 10 kìlómítà kù sí 4. Ẹ̀bútté Mẹ́ta, Àkọ́kà àti Mushin ṣì wà nínú rẹ̀; Ìkòyí àti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ́ síta. Ilẹ̀ tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀, owó ₦6,000 sì ti lè pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù, a fi àkókò sí i: aago 8 òwúrọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta. Bí ìpolówó bá jáde lóru, kò ní gbé nọ́ńbà dání.

“Ẹ̀gbọ́n, ará Lọ́ńdọ̀nù yẹn ńkọ́? Kò ní rí wa mọ́ nìyẹn.”

Òótọ́ ló sọ. A ṣí ìpolówó kejì, ₦1,000 lójúmọ́, fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan, tí wọ́n bá kọ “fridge repair Yaba” tàbí “fridge repair Akoka”. Aago 9:40 ni ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó sì fi fóònù sí ibi tí etí rẹ̀ á ti gbọ́ ọ bí ilẹ̀ bá mọ́.