Lúùpù Aago Iná Nílé Ìwòsàn: Kí Ló Ń Pinnu Iye Ẹ̀rọ Tó Lè Gbé?

Ẹ̀rọ mélòó ni lúùpù kan lè gbé? Ìdáhùn mẹ́ta ló wà láàárín àwọn tó ń ṣe aago iná nílé ìwòsàn, wọn kò sì bára mu. Àwọn kan á dá ọ lóhùn pé 126 ni, torí pé iye àdírẹ́sì tó wà lórí lúùpù XP95 ti Apollo nìyẹn. Àwọn kan á fi gígùn wáyà dáhùn. Àwọn tó kù á ní fóltì tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó jìnnà jù ni. Mo ko ọ̀rọ̀ wọn jọ síbí nítorí pé ibi tí wọ́n wà fọ́nká, èrò mi sì ni pé àwọn ẹgbẹ́ kẹta ló gbà á. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò parọ́, ṣùgbọ́n àsìkò tí fèrè kò tíì sí lórí lúùpù ni ọ̀rọ̀ wọn bá mu. Lúùpù tí mo ń wí ni wáyà méjì tó jáde láti pánẹ́ẹ̀lì, tó gba ara gbogbo ẹ̀rọ kọjá, tó sì tún padà sí pánẹ́ẹ̀lì kan náà, kí ó lè jẹ́ pé bó bá já níbì kan, iná mànàmáná á gba apá kejì dé ibi tó ń lọ.

Kí ọdún 1980 tó dé, ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní CP 1019 ni wọ́n ń lò ní Britain. Ilé ìwòsàn méjì tó jó ló mú kí wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà: Shelton ní Shrewsbury lọ́dún 1968, níbi tí obìnrin tó lé ní ogún ti kú, àti Coldharbour ní Sherborne lọ́dún 1972, níbi tí ọgbọ̀n aláìsàn ti kú. Lẹ́yìn náà ni BS 5839-1 jáde lọ́dún 1980, wọ́n sì tún un ṣe ní 1988, 2002, 2013 àti 2017. Ìwé ti ilé ìwòsàn gan-an ni HTM 82, èyí tó wá di HTM 05-03. Àpẹẹrẹ bí ilé fúnra rẹ̀ ṣe ń yí iye ẹ̀rọ padà wà nínú ìtàn Queen Elizabeth, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Woolwich. Ti àwọn ológun ni tẹ́lẹ̀, wọ́n tì í lọ́dún 1995, ó sì tún ṣí lọ́dún 2001 láti gba iṣẹ́ Greenwich District Hospital tó kógbá wọlé. Greenwich yẹn ni ẹ̀kọ́ wà lára rẹ̀ fún ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ: láàárín àjà kan sí èkejì, wọ́n ṣe àjà mìíràn fún páìpù àti wáyà nìkan. Òfin òde òní ní kí a fi ẹ̀rọ sínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ bó bá ga ju mílímítà 800 lọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè mú kí iye ẹ̀rọ pọ̀ gidigidi láìsí pé ibùsùn kan ṣoṣo lé sí i.

Lórí ibi tí a ń gbé ẹ̀rọ amèéfín sí, gbogbo ìwé fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí ibi kan nínú yàrá tó jìnnà ju mítà 7.5 lọ sí ẹ̀rọ kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti yapa. Ìwé 1988 gbà pé èéfín inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró máa ń yára nà, nítorí náà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá fẹ̀ tó kéré sí mítà 5, ó jẹ́ kí a fi ìdajì ohun tó kù kó tó pé 5 kún 7.5 náà. Ìwé 2002 gba ìyọ̀ǹda yẹn kúrò: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ju mítà 2 lọ nìkan la lè wọn láti àárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù tó fẹ̀ ní mítà 2.4, tó gùn ní 60. Lábẹ́ ìlànà 1988, 7.5 di 8.8, ẹ̀rọ kan sí èkejì lè tó mítà 17.4, ẹ̀rọ mẹ́rin sì tó. Lábẹ́ ti 2002, àlàfo náà di 14.8, a sì nílò márùn-ún. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kan péré kò tó ohun tí à ń jà sí. Èmi kò gbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbà ti ibùsùn aláìsàn lọ sí apá kejì ilé, ibẹ̀ sì ni èéfín ò gbọdọ̀ ti ṣáájú nọ́ọ̀sì. Ìwé 2002 ni kí a dìmú.

Ohun tó yí ìṣirò padà gan-an ni fèrè. Níbẹ̀rẹ̀, fèrè ní wáyà tirẹ̀, ẹ̀rọ amèéfín nìkan ló wà lórí lúùpù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sì í gbà tó mílí-áńpù kan. Lásìkò yẹn, àdírẹ́sì máa ń tán kí agbára tó tán. Nígbà tí wọ́n gbé fèrè sórí lúùpù, ọ̀rọ̀ yí dà. Ká sọ pé lúùpù kan gùn ní mítà 900, wáyà 1.5 ni wọ́n lò, ẹ̀rọ amèéfín 80 wà lórí rẹ̀, fèrè 40, àti ẹ̀rọ 5 tó ń ti ilẹ̀kùn tàbí tó ń pa fáàànù. Àpapọ̀ jẹ́ 125, àdírẹ́sì sì gbà á. Àmọ́ ẹ wo agbára. Amèéfín kọ̀ọ̀kan gba mílí-áńpù 0.3, ìyẹn 24. Àwọn iná pupa tó tàn àti ẹ̀rọ 5 yẹn gba 26. Fèrè kọ̀ọ̀kan gba 8, ìyẹn 320. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 370. Wáyà 1.5 ní óòmù 12.1 nínú kìlómítà kan, àlọ àti àbọ̀ sì ni à ń kà, nítorí náà mítà 900 jẹ́ óòmù 21.8. Bí wáyà bá já lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, apá kan ṣoṣo ló máa bọ́ gbogbo wọn. Ohun tó sọ nù lójú ọ̀nà nígbà náà ni:

```
V = I × R = 0.37 × 21.8 = 8.07
```

Bí pánẹ́ẹ̀lì bá ń fi fóltì 24 ránṣẹ́ nígbà tí bátìrì ti rẹ̀, 15.9 ló máa dé òpin. Ẹ̀rọ XP95 ń fẹ́ 17. Ilé tí àdírẹ́sì kò tíì kún ti já lórí fóltì.

Àwọn kan á sọ pé ìṣirò yìí le jù, nítorí ó gbé gbogbo ẹrù sí òpin wáyà. Bí ẹ̀rọ bá tò káàkiri déédéé, ìdajì péré ló máa sọ nù, ìyẹn nǹkan bíi fóltì 4, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bí àwòrán bá fi ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà hàn, tí kò sì sí ẹni tó máa yí i padà. Ilé ìwòsàn kì í dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́ọ̀dù á di ilé ẹ̀rọ àyẹ̀wò, wọ́n á fi fèrè mẹ́wàá kún apá tó jìnnà jù, àwòrán ò sì ní tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ní fèrè kì í dún papọ̀ nílé ìwòsàn, torí pé ṣe ni wọ́n ń gbé aláìsàn láti apá kan sí apá tó kàn án lórí àjà kan náà, àti pé HTM 05-03 gbà kí ohùn fèrè níbi tí aláìsàn wà rọlẹ̀ sí désíbẹ́ẹ̀lì 45 sí 55, nígbà tí 65 jẹ́ ti ilé gbogbo. Síbẹ̀, fèrè tó ń dún dúró dún dúró fún ìkìlọ̀ ń jẹ agbára, ẹni tó wà nídìí pánẹ́ẹ̀lì sì lè tẹ bọ́tìnnì tó ń mú gbogbo ilé dún. Ohùn tó rọlẹ̀ ń dín ẹrù kù ní tòótọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìṣirò bó bá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gbé e sókè láìṣírò padà.

Ọ̀nà àtúnṣe méjì ló wà. Bí a bá lo wáyà 2.5 tó ní óòmù 7.41 nínú kìlómítà kan, ohun tó sọ nù á di 4.9, fóltì 19 á sì dé òpin. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí a pín lúùpù sí méjì, níbàámu pẹ̀lú ògiri tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Mítà 450 àti mílí-áńpù 185 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mú kí ohun tó sọ nù di fóltì 2 péré, nítorí pé gígùn àti ẹrù jọ dín kù ni. Ó tún ń bá òfin mu pé àbùkù kan lórí wáyà kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ ibi tó ju mítà 2,000 onígun mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ tó ń gé ibi tí wáyà méjì ti fara kanra kúrò ló ń ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n òun náà ń fi díẹ̀ kún óòmù, ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Lúùpù tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kì í fi ara hàn lọ́jọ́ tí kò sí iná. Gbogbo àdírẹ́sì á pé, àfi ìgbà tí fèrè bá dún ni àwọn tó wà lọ́nà jíjìn á pòórá lójú pánẹ́ẹ̀lì, tí ohùn wọn á sì tinrín. Láti dán an wò, ẹ yọ apá kan lúùpù kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì, ẹ pa iná mànàmáná ilé, ẹ jẹ́ kó wà lórí bátìrì, ẹ mú gbogbo fèrè dún, kí ẹ sì wọn fóltì ní apá tí ẹ yọ náà.

Ìwé 2025 ti jáde. Ó kọ̀ kí a máa lo ẹ̀rọ tó ń mọ ooru níbi tí ènìyàn ń sùn ní àwọn ìpele kan, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ti ń lo amèéfín ṣáájú, ìṣirò wáyà rẹ̀ kò sì yí padà.